Ìlà Àkọ́kọ́ àti Ìlà Ìkẹyìn Lábẹ́ Fọ́tò Àdìrẹ

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa àtàtà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á jẹ́ kọ́sẹ̀ yìí sàn wá o. Àwọn àdìrẹ tuntun wa ti dé, wọ́n rẹwà, wọ́n sì dára púpọ̀. Ẹ tẹ̀lé wa, ẹ fún wa ní láìkì, ẹ pín in fáwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ pe nọ́ńbà wa, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtòkú, ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ìnbọ́ọ̀sì.”

Bí ẹ bá ti ra aṣọ rí lórí Instagram, ẹ ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé lábẹ́ fọ́tò, àfàìmọ̀ kí ẹ má ti fò ó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́. Aṣọ rẹ̀ lè dára lóòótọ́, kó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ aró lé e lọ́wọ́ l'Ábẹ́òkúta. Ohun tó ṣe é ni pé ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni dúró, ìlà tó kẹ́yìn sì rán oníbàárà ní iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà méjì yìí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, ọjà àdìrẹ ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí fóònù ń ṣe sí ọ̀rọ̀ wa. Instagram gbà wá láyè láti kọ tó 2,200 lẹ́tà sábẹ́ fọ́tò kan, àlàfo àti àmì gbogbo sì wà nínú kíkà yẹn. Àmọ́ kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn ẹni tó ń kọjá. Nǹkan bíi 125 lẹ́tà àkọ́kọ́ ni onítọ̀hún máa rí. Ìyókù á fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí, `more`, àfi tó bá tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lórí Instagram sì máa ń gba díẹ̀ lára ìlà àkọ́kọ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ yín tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ fídíò kúkúrú ni ẹ gbé síbẹ̀, ààyè náà tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi ìwọ̀n yìí wo ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìkíni àti àdúrà ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ààyè náà kí a tó gbọ́ pé aṣọ ni wọ́n ń tà. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ṣé ká wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, ká má kí ènìyàn ká tó bá a sọ̀rọ̀? Rárá. Ìkíni ní àyè tirẹ̀, àyè náà ni ìnbọ́ọ̀sì, níbi tí ẹni kan pàtó ti wọlé wá bá yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kí i dáadáa, kí ẹ tiẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé. Lójú títì, ẹni tó ń kiri ọjà kì í dúró kí ilé kọ̀ọ̀kan kó tó polówó. Bí ohun tó gbé lérí ṣe rí ló máa ń kọ́kọ́ ké jáde, pé ó gbóná, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, pé ó ń yọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pè é, tó sọ ẹrù kalẹ̀, ni ìkíni tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ kọ tiwa, ìlà tó kẹ́yìn ni kí a kọ́kọ́ kọ. Ìdí rẹ̀ ni pé gbólóhùn tó dá ènìyàn dúró gbọ́dọ̀ dá ẹni tó lè ṣe ohun tí a fẹ́ dúró. Bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, ẹ ò lè mọ ẹni tí ẹ ń pè, ẹ̀ẹ́ kàn máa pariwo ni.

Ká ní aṣọ tó wà nílẹ̀ jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, ká sì ní ₦25,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí la fẹ́ kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ wa ṣe? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn olówò ni pé kó sanwó. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Kò mọ̀ yín rí. Ó ti gbọ́ ìtàn ẹni tó sanwó sí àkáǹtì kan lórí ayélujára tí wọ́n sì fi aṣọ mìíràn ránṣẹ́ sí i, tàbí tí wọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ rárá. Kò ní fi ₦25,000 gbá a lẹ́ẹ̀kan náà torí fọ́tò kan. “Ẹ wá sí Ìtòkú” náà kò bá a mu tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Láìkì rọrùn fún un, àmọ́ láìkì kò gbé aṣọ kúrò nílẹ̀. Ohun tó fúyẹ́ tó fún àjèjì, tó sì tún sún un mọ́ rírà, ni kó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì, kí a sì fún un ní nǹkan padà lójú ẹsẹ̀. Bí ìlà ìkẹyìn wa á ṣe lọ nìyí:

“Ẹ fi ELEKO ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì wa, a ó fi fọ́tò aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn yín kí ẹ yan èyí tó wù yín.”

Ẹ kíyè sí ohun mélòó kan níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la rán an. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ la ti fún un, kò ní jókòó máa ro bóun ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa gbà padà wà nínú gbólóhùn kan náà. A kò fi àmì ohùn sórí ELEKO torí ọ̀pọ̀ fóònù ni kò ní àmì náà nítòsí, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ẹ oníkàn kiri kó tó lè ra aṣọ. “Ẹ” la sì lò jálẹ̀, torí a ò mọ̀ bóyá àgbà ló ń kà á.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fi “tàbí ẹ pe nọ́ńbà wa” kún un, kí ẹni tí kò fẹ́ràn kíkọ má bàa lọ. Èmi kì í fara mọ́ ọn. Bí ọ̀nà bá di méjì, onítọ̀hún á dúró díẹ̀ láti yan ọ̀kan, ìdúró díẹ̀ yẹn sì ni àtàǹpàkò fi máa ń sún fọ́tò kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ pè á rí nọ́ńbà lábẹ́ orúkọ yín.

Ó ku ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tí à ń wá ti hàn sí wa báyìí: ẹni tó ń ra àdìrẹ, tó sì lè san iye tí iṣẹ́ ọwọ́ tọ́ sí. Kí ló ń dun irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó ń dùn ún pé àwọn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, ti kún ọjà, òun ò sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn. Olówò wa mọ ìyàtọ̀ náà. Ó kàn jẹ́ pé ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rò pé ó tó sọ. Nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlà àkọ́kọ́ tó dára ti máa ń wá, ìyẹn ohun tí ọlọ́jà mọ̀ tí oníbàárà kò mọ̀, tó sì lè dán wò fúnra rẹ̀.

“Ẹ yí àdìrẹ yín padà, ẹ wo inú rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.”

Kò pé ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ máa hàn kí fóònù tó gé e. Ó ń fi iṣẹ́ kékeré kan lé ènìyàn lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ní àdìrẹ nílé á fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí òótọ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan aṣọ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá sè ya àwòrán sí, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì ń fi yà á. Bí wọ́n bá wá rì í sínú aró, aró náà á gba ẹ̀yìn wọlé níbi tí ẹ̀kọ kò sí, èyí ló fi jẹ́ pé inú aṣọ náà lè ṣú ju ìta lọ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú kan ni wọ́n da àwọ̀ lé, òdìkejì rẹ̀ sì sábà máa ń ṣì funfun tàbí kó ràndánràndán. Àmọ́ bí aṣọ bá fẹ́lẹ́, àwọ̀ ẹ̀rọ lè jò wọ inú. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé bí inú bá funfun, ẹ̀rọ ni. A ò sọ pé bí inú bá ṣú, ojúlówó ni. Ká ní a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n alárò kan ní Ìtòkú á wá já wa ní kọ́mẹ́ǹtì lójú gbogbo ayé.

Odidi ọ̀rọ̀ náà rèé:

“Ẹ yí àdìrẹ yín padà, ẹ wo inú rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan la fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí. Aró á wá gba ẹ̀yìn wọlé, inú á sì ṣú ju ìta lọ. Fọ́tò kejì ni inú aṣọ yìí. Ẹ fi wé tiyín.

Ọ̀pá márùn-ún. ₦25,000. Mẹ́fà ló wà nílẹ̀. À ń fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta.

Ẹ fi ELEKO ránṣẹ́ sí ìnbọ́ọ̀sì wa, a ó fi fọ́tò aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn yín kí ẹ yan èyí tó wù yín.”

Ìpínrọ̀ kejì ló san gbèsè tí ìlà àkọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó tẹ `more` fẹ́ mọ ìdí tí inú aṣọ fi ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá bá ìdí náà níbẹ̀, á bínú lọ. Èyí ni àléébù àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ ò ní gbà á gbọ́!” tàbí “Àṣírí tí àwọn alárò ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀!”. Ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, á bá ìpolówó lásán níbẹ̀, nígbà mìíràn tó bá tún rí orúkọ yín kò ní dúró mọ́. Ọ̀nà tí ẹ lè fi dá gbólóhùn yín wò kò le: ẹ pa ìlà àkọ́kọ́ mọ́, kí ẹ ka ìyókù fún ẹnìkan nílé. Bí ó bá lè ṣe é fún onítọ̀hún láti sọ ohun tí ìlà àkọ́kọ́ yẹn ṣèlérí, a jẹ́ pé ẹ san gbèsè náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìlà yẹn wá láti ibòmíràn ni.

Fọ́tò kejì tí mo mẹ́nu bà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ní kí ènìyàn wo inú aṣọ, tí gbogbo fọ́tò wá jẹ́ ti ọmọge tó wọ bùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti yapa nìyẹn. Ẹ gbé aṣọ lé orí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ẹ ká igun rẹ̀ kan sókè, kí ojú méjèèjì hàn nínú fọ́tò kan náà.

Nípa ₦25,000 tí a kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn olówò kan kì í fẹ́ kọ iye. Wọ́n ní bí oníbàárà bá béèrè, àwọn á rí i bá sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ìyẹn ti 2018, sọ pé kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìnbọ́ọ̀sì: ogún ènìyàn á béèrè “èló ni?”, ẹ̀ẹ́ dáhùn fún ogún, méjìdínlógún á sì dákẹ́ torí owó náà ju agbára wọn lọ. Bí iye bá ti wà nílẹ̀, àwọn tó kọ ELEKO ti mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi yíyan aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà á ṣì ná an. Yorùbá ni wá.

Ìpè mìíràn wà tó yẹ ká sá fún, èyí tó ń tọrọ láìkì àti kọ́mẹ́ǹtì lásán: “Bí o bá fẹ́ràn ìyá rẹ, tẹ láìkì”, “Dárúkọ ọ̀rẹ́ márùn-ún”. Ní Oṣù Kejìlá 2017, Facebook kéde pé òun á máa ti irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ kí ènìyàn púpọ̀ má bàa rí wọn, àti pé àwọn ojú ewé tó bá sọ ọ́ dàṣà á jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpè tiwa kò sí lára wọn. Ohun tó ní láárí ló ń béèrè, ó sì ń fún ènìyàn ní nǹkan padà.

Ibi tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ sí ló máa sọ irú ìpè tó bá a mu. Lórí Instagram, bí ẹ bá kọ líǹkì sábẹ́ fọ́tò, kò ní ṣeé tẹ̀. Ńṣe ló máa jókòó síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Abẹ́ orúkọ yín ni líǹkì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà “ẹ tẹ líǹkì ìsàlẹ̀ yìí” á kàn já ènìyàn kulẹ̀ ni. Lórí Facebook, líǹkì inú ọ̀rọ̀ ń ṣí, ẹ sì lè kọ èyí tó máa gbé oníbàárà lọ tààrà sí WhatsApp yín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé kó tó débẹ̀:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=ELEKO
```

Nọ́ńbà yín ló máa wà níbi tí mo kọ X sí, láìsí òdo ìbẹ̀rẹ̀ àti láìsí àmì ìròpọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ELEKO lójú fóònù rẹ̀, á kù kó fi ránṣẹ́. Lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, àwọn tó ní nọ́ńbà yín, tí ẹ̀yin náà sì ní tiwọn, ló ń wò ó, wákàtí 24 péré ló sì ń lò kó tó pòórá. Wọn kì í ṣe àjèjì. Ẹ lè béèrè ohun tó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n fi nọ́ńbà aṣọ tó wù wọ́n fèsì, pé ẹ ó bá wọn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí di alẹ́.

Àwọn tó ń fi Yorùbá kọ̀wé lórí X tún ní ìnira kan tí àwọn ẹlòmíràn ò ní. Ìwọ̀n 280 ni ibẹ̀, àmọ́ lẹ́tà oníkàn bí `ọ`, `ẹ` àti `ṣ`, méjì méjì ni wọ́n ń kà wọ́n. Bí ẹ bá tún fi àmì ohùn lé `ọ`, tó di `ọ́`, ó di mẹ́ta. Ẹ má torí bẹ́ẹ̀ bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ gé ni “ó rẹwà, ó sì dára púpọ̀”.

Àǹfààní tó jọ mí lójú jù nínú ìpè kan ṣoṣo ni pé ó ṣeé kà. Claude Hopkins, ará Amẹ́ríkà tó fi ìpolówó ọjà ṣiṣẹ́ ṣe, tó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1923, máa ń fi ìwé pélébé kan sínú ìpolówó inú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ ọjà á gé e, á fi ránṣẹ́. Ìpolówó kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lára ìwé náà, nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń mọ èyí tó mú ènìyàn wá nínú wọn. ELEKO ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé aṣọ kan náà síbẹ̀ pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́ mìíràn, bóyá èyí tó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń fọ àdìrẹ lákọ̀ọ́kọ́ kó má bàa kun aṣọ mìíràn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ARO ránṣẹ́. Ẹ kọ iye ẹni tó wí ELEKO àti iye ẹni tó wí ARO sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo iye tó rà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, torí ìlà tó mú èrò wá lè máà jẹ́ èyí tó mú olówó wá.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ELEKO, ìpè ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò, tàbí iye. Bí àwọn tó kọ ELEKO bá pọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo bí ẹ ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Ẹni tó kọ ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹ wá dáhùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ti lè ra tẹlòmíràn. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ tó gbé fọ́tò jáde: “Ẹ káalẹ́ o, ẹ ṣeun tí ẹ yà lọ́dọ̀ wa. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rèé, mo ti kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Èwo ni kí n bá yín mú sílẹ̀?”

Nígbà tí aṣọ kẹfà bá sì lọ, ẹ padà sábẹ́ fọ́tò náà kí ẹ tún ìlà ìkẹyìn kọ, Instagram gbà yín láyè láti ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì ni ẹnìkan máa tó rí i. “Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ. Ẹ fi ELEKO ránṣẹ́, a ó kọ orúkọ yín sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ láti inú aró.” Ẹ fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.